Iṣu, Ìrẹsì, Gàrí àti Irin Bàrígà

Tí oòrùn bá ti rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń gbé irin kì í wọ́n ní Bàrígà. Àwọn kan a lọ sí jíìmù tó ní dígí gbàgàdà lára ògiri. Àwọn mìíràn wà ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti po sìmẹ́ńtì kún inú agolo méjì, tí wọ́n fi páìpù irin so wọ́n pọ̀, tó sì di ohun ìgbésókè. Ibi yòówù kí ẹni tuntun ti bẹ̀rẹ̀, ìmọ̀ràn kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fún un: "Bọ̀ọ̀dá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ikùn yẹn wọlé, ẹ jáwọ́ nínú òkèlè." Wọ́n á ní kó pa èbà tì, kó pa iṣu tì, kó sì máa wo ìrẹsì bí ẹni ń wo májèlé. Òun náà á gbọ́, á máa jẹ ẹyin, ẹ̀fọ́ àti ẹran fún ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó bá gun òṣùwọ̀n, kílò méjì ti lọ. Ó ti dá a lójú nìyẹn pé èbà gan-an ni ọ̀tá.

Kílò méjì yẹn ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣítáàṣì inú iṣu, gàrí àti ìrẹsì máa ń di ṣúgà nínú ìfun kó tó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ara á ná èyí tó bá fẹ́ ná lójú ẹsẹ̀, á sì kó lára èyí tó kù pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Ohun ìpamọ́ yìí ni wọ́n ń pè ní gláíkójìn. Nínú àgbàlagbà tó ń jẹun dáadáa, èyí tó wà nínú iṣan lè tó 400 gíráàmù, ti inú ẹ̀dọ̀ á sì tó bí 100. Àmọ́ gláíkójìn kì í dá gbé, torí pé gíráàmù kan rẹ̀ máa ń di nǹkan bíi gíráàmù mẹ́ta omi mọ́ra. Ẹni tó bá ṣàdédé jáwọ́ nínú oúnjẹ oníṣítáàṣì, ara rẹ̀ á ná gláíkójìn náà, omi tó dì mọ́ ọn á sì bá ìtọ̀ àti òógùn jáde. Kílò kan ààbọ̀ sí méjì lè lọ báyìí láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ọ̀rá inú ikùn má sì tíì yẹ̀ rárá. Tó bá di Sátidé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe òwàḿbẹ̀, ó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù, ó fi iyán tì í lẹ́yìn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kílò méjì ti padà sílé, yóò sì máa bú iyán pé ọjọ́ kan ṣoṣo ló fi ba gbogbo làálàá òun jẹ́. Omi ló lọ, omi náà ló padà dé. Iyán kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀.

Ohun tí ìwọ̀n kò lè fi hàn án ni pé agbára tó fẹ́ fi gbé irin náà ti bá omi yẹn lọ. Àwọn oníṣègùn méjì kan ní orílẹ̀-èdè Súwídìn, Jonas Bergström àti Eric Hultman, ló fi èyí hàn kedere láàárín ọdún 1966 sí 1967. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ kan tó lè bu iṣan bín-ńtín lára itan ènìyàn, kí wọ́n lè ka iye gláíkójìn tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fi ara wọn dán an wò. Àwọn méjèèjì jókòó ti kẹ̀kẹ́ kan náà, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, oníkálukú sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wa kẹ̀kẹ́ náà títí tí ẹsẹ̀ náà fi kọ̀. Ẹsẹ̀ kejì sinmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jẹ oúnjẹ oníṣítáàṣì fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sì ń bu iṣan wò. Ẹsẹ̀ tó ṣiṣẹ́ kó gláíkójìn jọ ju ìlọ́po méjì ti ẹsẹ̀ tó sinmi, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ kan náà ni wọ́n jẹ, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì.

Lọ́dún kejì, wọ́n mú àwọn ọkùnrin mìíràn, wọ́n yí oúnjẹ wọn padà, wọ́n sì ní kí wọ́n wa kẹ̀kẹ́ títí tí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi jẹ ọ̀rá àti ẹran láìsí ṣítáàṣì, bíi wákàtí kan ni wọ́n lè wà á. Pẹ̀lú oúnjẹ tó papọ̀ mọ́ra, ó tó bíi wákàtí méjì. Lẹ́yìn oúnjẹ tí ṣítáàṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ó sún mọ́ wákàtí mẹ́ta. Lóòótọ́, gbígbé irin kò dà bíi wíwa kẹ̀kẹ́. Wákàtí kan nínú jíìmù kì í gbá gláíkójìn inú iṣan tán, nítorí náà ẹni tó ń gbé irin kò nílò láti máa jẹun bí ẹni tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ méjì yẹn kan gbogbo wa. Iṣan tó ṣiṣẹ́ ló ń ya ẹnu gba oúnjẹ, tí ẹni tó fi gbogbo ọjọ́ jókòó bá sì jẹ òkìtì èbà kan náà, iṣan rẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ ní ibi tí yóò gbé e sí. Ìbéèrè tó yẹ kí ọmọ jíìmù máa bi ara rẹ̀ ni pé èbà mélòó, ìgbà wo, kí ló sì bá a rìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí mélòó, nítorí ibẹ̀ ni àṣìrò ti pọ̀ jù. Kábù ni àwọn ọmọ jíìmù ń pe èròjà afúnnilókun inú oúnjẹ wọ̀nyí, èmi náà á máa pè é bẹ́ẹ̀. Nínú 100 gíráàmù iṣu tútù, kábù tó wà níbẹ̀ kò ju bíi 28 gíráàmù lọ, torí omi ló gba ibi tó pọ̀ jù lára iṣu. Gàrí ní tirẹ̀, wọ́n ti fi òkúta tẹ omi rẹ̀ jáde nínú àpò, wọ́n sì ti yan án gbẹ lórí iná, nítorí náà kábù inú 100 gíráàmù rẹ̀ tó bíi 85. Ìrẹsì tí a kò tíì sè tó 80, èlùbọ́ náà kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá ka èyí lè sọ pé ṣebí iṣu ló sàn nígbà náà. Kó dúró díẹ̀ ná. Ta ló ń jẹ ìrẹsì ní gbígbẹ? Tí a bá se ìrẹsì, yóò mu omi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo tó ìlọ́po mẹ́ta, kábù inú 100 gíráàmù rẹ̀ á sì padà sí bíi 28. Tí a bá da bíi 250 gíráàmù omi gbígbóná sí 100 gíráàmù gàrí, èbà rírọ̀ tó máa jáde á ní bíi 24. Tí ìyàwó ilé bá fẹ́ràn èbà líle, tí omi rẹ̀ kò pọ̀, ó lè tó 34. Lórí àwo, ẹni tó sá fún èbà lọ bá ìrẹsì, tàbí tó sá fún ìrẹsì lọ bá iṣu sísè, ojú kan náà ló ṣì wà. Ohun tó ń mú èbà jọ ọ̀daràn ni pé a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu. Gbígbé la ń gbé e mì, ó sì ti pọ̀ nínú ikùn kí ikùn tó sọ pé ó tó.

Nítorí náà, kí omi tó kan gàrí ni kí a ti wọ̀n ọ́n. Èbà tí wọ́n ti rò kì í ṣeé fojú díwọ̀n, nítorí omi kì í dọ́gba láti ọjọ́ dé ọjọ́. Agolo mílíìkì tó wà nínú àpò gàrí nílé oníkálukú ló rọrùn jù. Agolo kan tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba máa ń sún mọ́ 100 gíráàmù, ṣùgbọ́n gàrí tó kúná ń wúwo ju èyí tó rí ràndànràndàn lọ, kí ẹ má sì kàn gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ẹ di agolo mẹ́wàá sínú ọ̀rá, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá tó ń ta ẹja oníyìnyín, torí àwọn ni òṣùwọ̀n ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín gbé e lé e, kí ẹ sì pín iye tó bá sọ sọ́nà mẹ́wàá. Òṣùwọ̀n ẹlẹ́ja kì í ka 100 gíráàmù geere, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣi kílò kan kà. Ohun kan náà ni kí ẹ ṣe fún ìrẹsì. Fún iṣu, ẹ gé e bí ẹ ṣe máa ń gé e, kí ẹ wọn odindi iṣu tí a ti bó, kí ẹ sì pín in sí iye ègé tó jáde. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ máa ṣe wàhálà yìí, ojú á mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà.

Ohun tó bá kábù rìn ló tún kàn, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ ikùn Ṣómólú ti wá. Gíráàmù kan kábù ń fún ara ní kálórì mẹ́rin, gíráàmù kan ọ̀rá ń fún un ní mẹ́sàn-án. Síbí ńlá kan òróró tàbí epo pupa tó bíi kálórì 120, bí ẹni tó jẹ 100 gíráàmù ìrẹsì sísè kún un ni, bẹ́ẹ̀ kò sì gba ààyè kankan nínú àwo. Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé òun ti jáwọ́ nínú iṣu, dùńdú ló jáwọ́ nínú ẹ̀. Iṣu inú dùńdú kò yàtọ̀ sí iṣu sísè, epo tó mu nínú agbada ni ìyàtọ̀. Dòdò náà ńkọ́? Bákan náà ni. Ẹ sì wo ẹ̀wà àgànyìn tí gbogbo wa fẹ́ràn láàárọ̀. Ẹ̀wà inú rẹ̀ dára púpọ̀ fún ọmọ jíìmù, ọbẹ̀ dúdú orí rẹ̀ ni kí ẹ wò dáadáa, nítorí ìgbákọ kan rẹ̀ lè ju síbí ńlá méjì epo lọ. Tí ẹ bá sọ fún ìyá ẹlẹ́wà pé kó yọ epo sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó bu ata ìsàlẹ̀ fún yín, yóò wò yín lójú, ṣùgbọ́n yóò ṣe é.

Gàrí ní àléébù tirẹ̀ tí epo kò mọwọ́ ẹ̀, òun sì ni purotéènì. Nínú 100 gíráàmù gàrí, purotéènì kò ju bíi gíráàmù kan lọ, nígbà tí ìrẹsì ní bíi méje, tí ẹ̀wà gbígbẹ sì lé ní ogún. Purotéènì ni ara fi ń tún iṣan tó ti ṣiṣẹ́ ṣe. Ẹni tó ń mu gàrí àti ṣúgà nìkan lẹ́yìn tó gbé irin tán ti fún iṣan ní epo ọkọ̀ láìfún un ní páàtì tó fẹ́ fi tún ara ṣe. Kí ẹ̀pà, ẹja díndín tàbí ẹ̀wà bá a lọ. Ẹ má sì tìtorí pé pọ̀nmọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀ kí ẹ sọ pé ẹran ti pé. Pọ̀nmọ́ dùn, mi ò bá a jà, ṣùgbọ́n awọ ni. Àwọn èròjà kan tí iṣan nílò kò sí nínú purotéènì rẹ̀, kí ẹja tàbí adìẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó yá, ká fi gbogbo èyí lé ènìyàn kan lórí. Ká ní ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, níbi tí ilé ìtẹ̀wé pọ̀ sí jù ní Èkó. Ó ń wúwo tó 80 kílò. Láti àárọ̀ ló ti ń dúró nídìí ẹ̀rọ, ó sì ń gbé rìímù pépà sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ ló máa ń gba Bàrígà kọjá ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ láti lọ gbé irin. Ó fẹ́ kí ikùn rẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí agbára rẹ̀ dín kù. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìdárayá ní Amẹ́ríkà gbé jáde pẹ̀lú àwọn onímọ̀ oúnjẹ Amẹ́ríkà àti Kánádà lọ́dún 2016 sọ pé ẹni tí ìdárayá rẹ̀ kò le jù lè jẹ gíráàmù mẹ́ta sí márùn-ún kábù lójúmọ́ fún kílò kọ̀ọ̀kan tó ń wúwo. Fún ọkùnrin wa, ẹ jẹ́ ká mú mẹ́rin lọ́jọ́ tó bá gbé irin, ìyẹn bíi 320 gíráàmù, àti mẹ́ta lọ́jọ́ tí kò bá gbé e, bíi 240.

Lọ́jọ́ irin, láàárọ̀ kó tó jáde, ó jẹ 250 gíráàmù iṣu sísè pẹ̀lú ẹyin sísè mẹ́ta àti ọbẹ̀ ata tí síbí òróró kan wà nínú rẹ̀. Kábù ibẹ̀ tó bíi 70. Ní ọ̀sán, ó lọ sí búkà, ó ra ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ó ní kí ìrẹsì tó bíi 200 gíráàmù, kí ẹ̀wà tó 150, kí ẹja tó jọjú wà lórí rẹ̀, kí ọbẹ̀ má sì léfòó. Ìyẹn tó bíi 85. Ní aago márùn-ún, nígbà tó ku wákàtí kan ààbọ̀ kó gbé irin, ó mu gàrí tí kò kún agolo, bíi 70 gíráàmù, pẹ̀lú ẹ̀pà ìkúnwọ́ kékeré kan. Kábù rẹ̀ tó 60. Nígbà tó bá délé ní alẹ́, ó fi gàrí bíi 110 gíráàmù tẹ èbà, ó fi ẹ̀fọ́ rírò tí adìẹ wà nínú rẹ̀ jẹ ẹ́, òun náà tó bíi 95. Tí a bá ka díẹ̀díẹ̀ tó wà nínú ẹ̀fọ́, ata àti ẹ̀pà mọ́ ọn, a ti dé 320. Purotéènì ọjọ́ náà á sún mọ́ 120 gíráàmù, èyí tó jẹ́ gíráàmù kan ààbọ̀ fún kílò kan, ó sì tó. Tí òróró kò bá ju síbí mẹ́ta lọ láti àárọ̀ dé alẹ́, gbogbo rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi kálórì 2,400. Ọkùnrin tó tóbi tó báyẹn, tó ń ṣe irú iṣẹ́ báyẹn, á máa ná bíi 2,800 lọ́jọ́ irin. Inú ọ̀rá ara rẹ̀ ni ìyókù ti máa jáde.

Lọ́jọ́ tí kò gbé irin, ohun méjì péré ló yí padà. Gàrí aago márùn-ún àti ẹ̀pà rẹ̀ kò sí níbẹ̀, gàrí èbà alẹ́ sì dín kù sí bíi 80 gíráàmù. Ẹja, ẹyin àti ẹ̀fọ́ dúró gbọn-in. Ẹ rí i pé kò sí oúnjẹ kan tí a lé jáde kúrò nílé, èyí tó kù kò sì ní mú kí ìyàwó máa se ìkòkò méjì. Ìdí gan-an tí ètò báyìí fi ń tọ́jọ́ nìyẹn. Ẹni tó ń jẹ búrókólì nígbà tí gbogbo ilé ń jẹ àmàlà, mo fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Èbà alẹ́ yìí á ti máa kọ àwọn kan lóminú, torí wọ́n ti gbọ́ pé òkèlè alẹ́ ló ń di ikùn. Aago kọ́ ló ń sọ oúnjẹ di ọ̀rá, àpapọ̀ ohun tó wọlé láti àárọ̀ ni. Ẹni tó gbé irin títí di aago méje ààbọ̀, alẹ́ gan-an ni iṣan rẹ̀ ń wá ohun tí yóò kó pamọ́, bíi ti ẹsẹ̀ tó wa kẹ̀kẹ́ ní Súwídìn. Ohun tó burú ni kéèyàn jẹ ẹ́ tán kó sùn lé e lórí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí oúnjẹ á máa gun ọ̀fun padà, oorun ò sì ní dùn. Kó jókòó díẹ̀, kó gbọ́ ìròyìn.

Gàrí aago márùn-ún náà lè dá wàhálà sílẹ̀ fún àwọn kan. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan gan-an, tí wọ́n bá mu ún tí omi pọ̀, tí wọ́n sì sáré lọ gbé irin, ikùn á máa ró kùùkùù, á sì máa tú sókè nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ba. Ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ kó fún un ní wákàtí méjì, tàbí kó fi ègé iṣu sísè méjì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀. Kó má ṣe gbé irin pẹ̀lú ikùn òfìfo láti ọ̀sán, kó wá sọ pé ara òun kò gba ìdárayá.

Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ètò náà ń ṣiṣẹ́? Kó má gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ kí ọkàn rẹ̀ máa fò sókè sódò, torí a ti rí ohun tí omi lè ṣe. Kó gùn ún ní àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kó tó jẹun, kó sì wá agbedeméjì wọn. Kó fi téèpù ìránṣọ wọn ikùn rẹ̀ ní ìdodo lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kó wá kọ ohun tó gbé sínú ìwé, irin kílò mélòó, ìgbà mélòó. Àwọn nǹkan mẹ́ta wọ̀nyí ló máa sọ òtítọ́ tí wọ́n bá jọ wà. Tí ikùn bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, tí irin kò sì dín kù, kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí ó bá ń fi ju kílò kan lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀, tí irin tó máa ń gbé ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá ti di ẹ̀ẹ̀meje, tí ẹsẹ̀ ń wúwo, tí ojú rẹ̀ sì le sí gbogbo ènìyàn níbi iṣẹ́, kábù ti kéré jù. Kó dá ìlàjì agolo gàrí padà sí ọjọ́ irin, kó sì wò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí ìwọ̀n àti ikùn dúró sójú kan, kó kọ́kọ́ wo ìgò òróró ilé àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kó tó wo èbà. Tí àwọn yẹn bá mọ́, nígbà náà ni kó yọ 30 gíráàmù gàrí kúrò lálẹ́ ọjọ́ tí kò gbé irin.

Ètò yìí kò bá gbogbo ènìyàn mu. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó sì ń lo oògùn rẹ̀, dókítà rẹ̀ ló máa bá a pín kábù sí aago oògùn, torí gbígbé irin nìkan lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Obìnrin tó ń wúwo 60 kílò, tó ń fo okùn lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò gbọdọ̀ gba àwo ọkùnrin onítẹ̀wé yìí. Mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́nà kílò tirẹ̀ ni kó lò, èyí á sì wà láàárín 180 sí 240 gíráàmù. Ẹni tó tínrín tó fẹ́ sanra níbi tó yẹ, kó gbé ti ọjọ́ irin síwájú lójoojúmọ́, kó sì fi agolo gàrí tàbí ìrẹsì kún un títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Àwọn tó ń sá eré ọ̀nà jíjìn ni ìṣirò wọn yàtọ̀ pátápátá. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá eré márátọ́ọ̀nù Èkó, tó máa ń gbéra láti pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè, àwọn ọmọ Ṣómólú àti Bàrígà sì máa ń bá wọn sá a. Àwọn sárésáré Kẹ́ńyà tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé, nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣírò oúnjẹ wọn nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2004, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára oúnjẹ wọn ló ń wá láti inú kábù, ó sì tó gíráàmù mẹ́wàá fún kílò kan. Úgálì, tí ó jọ túwó àgbàdo, wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ jù. Ẹni tó bá fẹ́ sá kìlómítà 42 kò gbọdọ̀ bá ọmọ jíìmù ṣọ́ èbà jẹ. Ní ọjọ́ méjì tó ṣáájú eré, kó gbé kábù lọ sí bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá fún kílò kan, kó máa jẹ ìrẹsì funfun, iṣu sísè àti èbà lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún lójúmọ́ dípò kó kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú àwo kan. Kó dín òróró kù kí àyè lè wà fún ìrẹsì. Ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí mo ti ń yìn láti òkè, ọjọ́ méjì yìí ni kí wọ́n sinmi, torí afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń dá sílẹ̀ nínú ikùn kò bá eré ọ̀nà jíjìn lọ. Ní àárọ̀ eré, bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú, iṣu sísè pẹ̀lú ọbẹ̀ ata díẹ̀ tó, tó bá jẹ́ ohun tó ti ń jẹ ṣáájú ìdárayá gígùn rẹ̀ ní gbogbo oṣù tó kọjá.